Orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá: èwo ló yẹ òwò tuntun?

Bí ẹ bá fẹ́ sọ òwò tuntun lórúkọ, ẹ ó dé oríta kan. Ọ̀nà kan lọ sọ́dọ̀ orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, irú èyí tí ẹni tó kà á á ti mọ ohun tí ẹ ń tà kó tó béèrè. Ọ̀nà kejì lọ sọ́dọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín dá, tí kò sí nínú èdè kankan, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ayé ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹwà ni ọ̀pọ̀ fi ń yàn láàárín méjèèjì. Wọ́n á kó orúkọ mẹ́wàá sílẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ wá dìbò.

Èmi ò gbà pé ẹwà ló yẹ ká fi yàn án. Ìyàtọ̀ gidi tó wà láàárín wọn ni ìgbà tí ẹ máa san owó orúkọ náà. Orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ máa ń ṣoore lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á wá máa gba owó rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ bí òwò bá ṣe ń dàgbà. Ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá ń gbowó níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí owó ṣọ̀wọ́n jù, lẹ́yìn náà ló máa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún yín.

| | Orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ | Ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá |
|---|---|---|
| Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ | Oníbàárà mọ ohun tí ẹ ń tà láìbéèrè | Ẹ ó ṣàlàyé títí ẹnu á fi ro |
| Bí iṣẹ́ bá yí padà | Orúkọ lè di irọ́ | Orúkọ á bá yín lọ |
| Bí ẹlòmíràn bá mú ohun tó jọ ọ́ | Ó ṣòro láti dá a dúró | Òfin sábà máa ń gbè yín |
| Láti rántí rẹ̀ | Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rántí, wọ́n lè gbàgbé ẹni tó ń ṣe é | Ó wà lọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe dá a |

Ilé iṣẹ́ kan tó rin ọ̀nà méjèèjì

Lọ́dún 1946, Masaru Ibuka àti Akio Morita dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Tokyo. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Tokyo Tsushin Kogyo. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti Tokyo lọ. Ìlú wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣókùnkùn. Nílé, orúkọ náà kò dí wọn lọ́wọ́ rárá.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ tajà sókè òkun ni wọ́n rí i pé ẹnu àwọn àjèjì kò gbà á. Wọ́n gbìyànjú láti gé e kúrú sí lẹ́tà mẹ́ta, TTK, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan wà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí TKK. Ohun tí mo kórìíra nípa gígé orúkọ sí lẹ́tà nìyẹn: gbogbo wọn ló máa ń jọ ara wọn bí ìbejì, kò sì sí èyí tó ń sọ ìtàn kankan fún etí.

Wọ́n wá lọ mú ọ̀rọ̀ Látìn náà *sonus*, tó túmọ̀ sí ìró. Wọ́n rí i pé ó jọ *sonny*, ọ̀rọ̀ ìkẹ́ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọmọkùnrin kékeré. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí, ara Japan máa pè é bíi *son-ni*, *son* sì ni àdánù owó lédè wọn. Òwò wo ló fẹ́ kí wọ́n máa ki òun ní àdánù? Wọ́n yọ *n* kan kúrò, ó di Sony. Ara rédíò ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí lọ́dún 1955, nígbà tó sì di 1958, wọ́n sọ gbogbo ilé iṣẹ́ náà lórúkọ yẹn.

Apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn àti báńkì wọn. Orúkọ àtijọ́ ti gba ọdún mẹ́wàá kó tó di ohun tí àwọn oníṣòwò mọ̀, báńkì ò sì rí ìdí tí wọ́n fi fẹ́ sọ ọ́ nù. Wọ́n ní bó bá jẹ́ dandan, kí wọ́n ṣáà fi ọ̀rọ̀ kan tó sọ pé ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ti ìdí Sony. Morita kọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ orúkọ tó so ilé iṣẹ́ òun mọ́ irú ọjà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin, fíìmù àti eré orí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣe ìbánigbófò pẹ̀lú. Ẹ wo bí ìwé ìbánigbófò tí wọ́n kọ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ sí lórí ì bá ti rí.

Ẹ fi wé Minnesota Mining and Manufacturing, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1902. Orúkọ náà ní ìwakùsà ni wọ́n ń ṣe, nítorí wọ́n rò pé òkúta líle tó dára fún pípọn irin ló wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n rà. Òkúta mìíràn tí kò wúlò fún iṣẹ́ náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n yíjú sí ṣíṣe sándípépà, lẹ́yìn náà sí téèpù, àti sí oríṣiríṣi nǹkan mìíràn. Orúkọ ìwakùsà yẹn sì wà lórí ìwé ilé iṣẹ́ náà títí di 2002, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 3M ní kíkún. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní ti òwò, ilé tí ẹ ò tíì kọ́ ni ẹ máa wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le.

Ohun tí òfin ń dáàbò bò

Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá ti forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, orúkọ náà ti di tàwọn. Ọ̀tọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ òwò, ọ̀tọ̀ ni àmì ìdánimọ̀ òwò. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ pé òwò yín wà. Èkejì ló ń fún yín lágbára láti dá ẹlòmíràn dúró bó bá ń fi orúkọ tó jọ tiyín ta irú ọjà kan náà.

Nídìí àmì ìdánimọ̀ yìí ni orúkọ méjèèjì ti yà. Òfin kì í fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gba ọ̀rọ̀ tí gbogbo oníṣẹ́ nílò láti fi sọ iṣẹ́ wọn. Bí ẹ bá pe òwò yín ní Ìtọ́jú Bátìrì, ẹ ò lè ní kí àwọn yòókù tó ń tọ́jú bátìrì má sọ pé àwọn ń tọ́jú bátìrì. Ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá kò ní ìṣòro yẹn, nítorí kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ kí ẹ tó dá a. Kò jọ pé wọ́n ń gba nǹkan kan lọ́wọ́ aráyé.

Kì í ṣe pé orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ kò lè di tiyín láéláé. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá ti lò ó fún ọdún márùn-ún gbáko tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń lò ó, iléeṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí àmì ìdánimọ̀ lè gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n mọ́ yín. Ọ̀rọ̀ Booking.com, ìkànnì tí wọ́n ti ń gba ààyè sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án sì gbè wọ́n, nítorí ìwádìí tí wọ́n gbé síwájú fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn oníbàárà ló mọ̀ ọ́n sí orúkọ ilé iṣẹ́ kan. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Owó lọ́yà tó gbé wọn débẹ̀ kì í ṣe ti òwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé àmì tí kò lágbára púpọ̀ ni àmì àwọn, àti pé àwọn ò lè fi dí àwọn yòókù lọ́wọ́ láti lo ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbà tí orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ borí

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mi ò ti ní yàn án. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há sínú ilé lóru kò wá orúkọ, ẹni tó máa ṣí ilẹ̀kùn ló ń wá. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ irú èyí, tí oníbàárà ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún púpọ̀, tí kò sì ní in lọ́kàn láti rántí yín, ẹ kọ iṣẹ́ yín gàdàgbà. Bákan náà ni òwò tí ẹ mọ̀ pé kò ní ju ọdún méjì lọ, tàbí èyí tí kò ní kúrò lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò sì ní owó ìpolówó rárá.

Ìwádìí kan tí Kevin Keller, Susan Heckler àti Michael Houston ṣe jáde lọ́dún 1998 bá èyí mu. Wọ́n rí i pé orúkọ tó ń tọ́ka sí àǹfààní ọjà máa ń jẹ́ kí ènìyàn rántí ìpolówó tó sọ̀rọ̀ nípa àǹfààní yẹn gan-an. Àmọ́ bí ìpolówó bá wá yíjú sí àǹfààní mìíràn lẹ́yìn náà, orúkọ kan náà ló ń dí ìrántí lọ́wọ́. Orúkọ ti kọ́ ènìyàn ní nǹkan kan, kò sì fẹ́ kó kọ́ òmíràn.

Bí a ṣe ń dá ọ̀rọ̀ tí etí máa gbà

Ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá kì í ṣe kí a kàn da lẹ́tà pọ̀. George Eastman, tó dá orúkọ náà Kodak lọ́dún 1888, mọ ohun tó ń wá: kó kúrú, kó má ṣeé kọ láṣìṣe, kó má sì jọ ohunkóhun mìíràn. Ó fẹ́ràn lẹ́tà K, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó fi parí rẹ̀. Lójú tèmi, kò tíì sí ìlànà tó dára ju mẹ́ta tí Eastman tẹ̀ lé yìí lọ.

Sílébù méjì sí mẹ́ta ló tó. Kí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì máa tẹ̀lé ara wọn, nítorí ẹnu tó pọ̀ jù láyé ló gba irú ìgbékalẹ̀ yẹn. Kí ìró kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan péré. Níbi tí wọ́n ti lè fi K, C tàbí Q kọ ìró kan náà, ẹ ti pàdánù àwọn oníbàárà kan tó ń tẹ orúkọ yín sínú fóònù.

Fún àwa tó ń sọ Yorùbá, ohun méjì wà lórí èyí. Ẹnu wa kò ní *v* àti *z* nínú álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀, *f* àti *s* ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fi rọ́pò wọn láìmọ̀. Èkejì ni àmì ohùn. Àdírẹ́sì ìkànnì tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ kì í sábà ní àmì. Ẹni tó kọ *oko* síbẹ̀ lè ní ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ tàbí oko lọ́kàn. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ dá láìsí àmì, kí ẹ sì kà á ní gbogbo ohùn tó ṣeé kà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ èébú tàbí ohun ìtìjú, ohùn yẹn gan-an ni àwọn aláwàdà máa fi pè é.

Fóònù tún wà. Jeff Bezos kọ́kọ́ sọ òwò rẹ̀ ní Cadabra lọ́dún 1994. Nígbà tó dárúkọ náà fún lọ́yà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí òkú èèyàn ni lọ́yà gbọ́. Bezos wá orúkọ mìíràn, ó di Amazon.

Ká fi òwò kan dán an wò

Ká ní obìnrin kan fẹ́ máa fọ pánẹ́ẹ̀lì sólà fún ilé àti iléeṣẹ́. Orúkọ tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni Fọsólà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tuntun lòun dá, torí òun so méjì pọ̀ di ọ̀kan. Kò dá nǹkan kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ máa rí *fọ* àti *sólà* kedere, ìjọba náà á sì rí i. Síso ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ kì í sọ orúkọ di àtọwọ́dá bí ìtumọ̀ wọn ò bá kúrò lójú kan. Ìbéèrè kejì: kí ló fẹ́ ṣe ní ọdún mẹ́ta sí i? Ó ní òun máa fi títọ́jú bátìrì àti yíyẹ wáyà wò kún un. Fọsólà ti há mọ́ ọn lọ́rùn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ó wá mú mẹ́ta mìíràn wá: Lumiko, Vezora àti Dikama.

Lumiko dùn, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ṣe ohun tó jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ló máa ń ronú kan *lumi*, tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ìmọ́lẹ̀. Agbo ti kún níbẹ̀. Orúkọ náà lè má jẹ́ ti ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà sí lẹ́tà, kó sì tún jọ ti ẹni púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òfin máa fi kà á sí ìdàrúdàpọ̀ fún oníbàárà. Ìjọra ní ìró tó láti kó ènìyàn sí wàhálà.

Ìdánwò tí mo máa ń gbà wọ́n níyànjú láti ṣe kò gba owó. Ẹ pe ènìyàn mẹ́wàá tí kò mọ̀ nípa òwò náà lórí fóònù, ẹ dárúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe sípẹ́lì rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Tí mẹ́jọ bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, orúkọ náà lẹ́sẹ̀. Tí kò bá tó mẹ́fà, ẹ jù ú nù. Mẹ́jọ yìí kì í ṣe òfin o, èmi ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n ara mi. Lórí Vezora, ẹ retí Fesora, Vesora, Vezorah, Fezora. Lórí Dikama, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan kọ Dicama, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò ní rí ibi ṣìnà sí.

Dikama ló kù. Kò tíì parí. Ó máa wá orúkọ náà àti àwọn tó jọ ọ́ létí (Dicama, Dikamma, Tikama) nínú Global Brand Database, àkójọ àmì ìdánimọ̀ tó wà lórí ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ WIPO, àjọ àgbáyé fún ohun-ìní ọpọlọ, àti nínú àkójọ orílẹ̀-èdè tó ti fẹ́ ṣòwò. Wọ́n pín ọjà àti iṣẹ́ sí ẹ̀ka 45 fún ìforúkọsílẹ̀, 34 fún ọjà, 11 fún iṣẹ́. Ìmọ́tótó ilé àti àtúnṣe wà ní ẹ̀ka 37. Bó bá fẹ́ ta bátìrì lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀ka 9 ni kó wò pẹ̀lú. Ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Dikama nínú ẹ̀ka aṣọ lè má dí i lọ́wọ́, àfi bí orúkọ náà bá lókìkí gan-an. Ó tún yẹ kó bi ẹni tó gbọ́ àwọn èdè tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń sọ léèrè ohun tí *dikama* lè jọ níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ *son* ti Japan má bàa ṣẹlẹ̀ sí i.

Owó tí mo ní ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá ń gbà níbẹ̀rẹ̀ wá dé. Ta ló máa mọ ohun tí Dikama ń ṣe? Oríkì ló máa sọ ọ́. Orúkọ kì í yí padà, oríkì lè gùn sí i. Ó máa kọ Dikama gàdàgbà, á wá kọ "A ń fọ pánẹ́ẹ̀lì sólà" sábẹ́ rẹ̀, lórí ọkọ̀, lórí káàdì, lórí rìsíìtì, níbi gbogbo, láìfo ọ̀kan. Dikama nìkan ló máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àmì ìdánimọ̀. Gbólóhùn ìsàlẹ̀ wà fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ Haloid ṣe ohun tó jọ èyí nígbà tó ń lọ sórí orúkọ tuntun: ó jẹ́ Haloid Xerox láti 1958, títí tó fi di Xerox nìkan lọ́dún 1961, nígbà tí ayé ti mọ ọ̀rọ̀ náà.

Ewu kan kù tó sábà máa ń bá ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá, ó sì máa ń dé ní ọjọ́ ayọ̀. Bí orúkọ yín bá gbajúmọ̀ jù, àwọn ènìyàn lè máa fi pe ọjà náà fúnra rẹ̀, ta ni ó wù kó ṣe é. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ Otis ni *escalator*, orúkọ àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ gbé èèyàn lọ sókè, wà gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀ kó tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1950. Wọ́n ti ń lò ó nínú ìwé ara wọn bí ẹni pé orúkọ ẹ̀rọ náà ni. Nítorí náà, kí obìnrin wa má ṣe kọ ọ́ sínú ìpolówó pé "Ẹ wá dikama sólà yín". "Iṣẹ́ ìfọ̀tótó Dikama" ni kó máa kọ, kí ọ̀rọ̀ tó ń sọ iṣẹ́ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ nígbà gbogbo. Ní ọdún kẹta, nígbà tí bátìrì bá dé, ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ló máa pààrọ̀ lára ọkọ̀: "A ń tọ́jú pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti wáyà."